Àbíkú Ṣóyínká àti Àbíkú Clark: Bí A Ṣe Ń Fi Ewì Wé Ewì

Ewì méjì kan wà tí àkọlé wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ni: Àbíkú. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, ló kọ ọ̀kan. J. P. Clark, ọmọ Kiagbodo ní agbègbè odò lọ́hùn-ún ní gúúsù Nàìjíríà, ló kọ èkejì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti ń gbé ewì méjèèjì ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, tí wọ́n á sì ní kí wọ́n fi ọ̀kan wé èkejì. Níbẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ewì méjèèjì ní àkàyé, tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn, lè jókòó ti ìwé kó kọ ojú ewé mẹ́ta láìfi ohunkóhun wé ohunkóhun.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ó á kọ́kọ́ fi ojú ewé kan àbọ̀ sọ ti Ṣóyínká: ẹni tó bí i, ohun tí ewì náà dá lé, àwọn ọ̀rọ̀ tó dùn nínú rẹ̀. Ó á fa ìlà sí i, á wá fi ojú ewé kan àbọ̀ mìíràn sọ ti Clark lọ́nà kan náà. Níkẹyìn, ó á fi gbólóhùn méjì dè é: méjèèjì sọ̀rọ̀ nípa àbíkú, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ yàtọ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tó kọ. Àmọ́ àpèjúwe méjì ló kọ, kò tíì ṣe ìfiwéra, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an gan-an ló fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á. Òǹkàwé ló máa padà lọ wo ojú ewé àkọ́kọ́ kó tó lè mọ ibi tí ọ̀nà ti yà.

Ìfiwéra bẹ̀rẹ̀ láti orí kókó, kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ewì. Kókó yìí kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ìbéèrè kan tí a lè bi ewì méjèèjì, tí méjèèjì sì ní ohun tí wọn yóò fi dáhùn. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni ara ọmọ náà rí? Ibo ni ìyá wà nínú ọ̀rọ̀ náà? Ẹni tó ń ta gàrí àti ẹni tó ń ta ìrẹsì lè jókòó sí ìsọ̀ kan náà. Kóńgò kan náà tí wọ́n fi ń wọn ọjà wọn ló máa ń jẹ́ kí oníbàárà mọ èyí tó wọ́n jù. Ìbéèrè kan náà ni kóńgò náà níbí.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló wúlò, ibẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn ti fara balẹ̀. Ẹ gbé ìgbésí ayé àwọn akéwì náà yẹ̀ wò. Wọ́n bí Ṣóyínká ní 1934. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 1986. Clark jáde láyé ní 2020. Àwọn méjèèjì ló kàwé ní yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó ṣì ń jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù: Ṣóyínká dé ibẹ̀ ní 1952, Clark sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó dára láti mọ̀ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀bùn Nobel ṣe kókó, kò sí ìlà kan nínú ewì méjèèjì tó máa ṣí sílẹ̀ sí i. Bákan náà ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀. Kókó tó dára gbọ́dọ̀ rán wa padà sínú ewì láti lọ wá nǹkan.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí i ni kéèyàn mú bébà kan, kó fi ìlà méjì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Àárín ni yóò kọ ìbéèrè sí. Apá òsì á gba ohun tí Ṣóyínká fi dáhùn, apá ọ̀tún á gba ti Clark, kó sì kọ nọ́ńbà ìlà tó ti rí i mọ́ ọn lára. Kó tó kọ ohunkóhun, kó ti ka ewì kọ̀ọ̀kan ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kó ka ti ẹ̀ẹ̀kejì sókè ketekete. Ó lè kọ́kọ́ rí ìbéèrè méje tàbí mẹ́jọ. Kò burú. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò kù tó bá yá, torí pé àwọn kan á ní ìdáhùn ní apá kan nìkan, àwọn mìíràn á sì ní ìdáhùn tó jọra débi pé kò sí ohun tí èèyàn lè sọ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ewì méjèèjì ṣe é.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kó ṣáájú nítorí pé gbogbo ìyókù ló rọ̀ mọ́ ọn. Nínú ewì Ṣóyínká, àbíkú fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń pe ara rẹ̀ ní orúkọ, ó ń fi ẹ̀gbà ẹsẹ̀, ewúrẹ́ ìrúbọ, owó ẹyọ, epo àti eérú tí àwọn òbí ń kó jọ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń sọ fún wọn gbangba pé òfò ni gbogbo rẹ̀. Nínú ewì Clark, a kò gbọ́ ohùn àbíkú rárá. Ará ilé kan ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo ìdílé. Ó kọ́kọ́ bínú díẹ̀: bí ilé kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, máa gbé orí igi osè rẹ lọ. Kò pẹ́ tí ìbínú náà fi rọ̀ di ẹ̀bẹ̀ pé kó wọlé, kó sì dúró.

Bí a bá gbé ìdáhùn méjèèjì síra, nǹkan kan yọ jáde tí a kò lè rí nínú ewì kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ láìgbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èkejì ń bẹ̀bẹ̀ láìrí ẹni dá a lóhùn. Agbára wà lọ́wọ́ àbíkú nínú ewì méjèèjì, ṣùgbọ́n Ṣóyínká jẹ́ ká gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ni agbára náà, nígbà tí Clark jẹ́ ká mọ̀ ọ́n nínú ohùn àwọn tí kò ní in. Àwọn tó mọ orúkọ tí àwọn Yorùbá ń sọ àbíkú yóò rí i pé ohùn ará ilé Clark kò ṣàjèjì. Orúkọ líle wà nínú wọn, bíi Kòsọ́kọ́, orúkọ ẹ̀bẹ̀ náà sì wà, bíi Málọmọ́, Dúrójayé àti Bánjókòó. Ìbínú àti ẹ̀bẹ̀ yẹn kan náà ló tẹ̀ léra nínú ewì Clark.

Kókó kejì ló lọ́rọ̀ jù, ó sì kéré débi pé ọ̀pọ̀ á fò ó: àpá tó wà lára ọmọ. Nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́, tí ọmọ bá ti ń kú tó sì ń padà wá, àwọn òbí a máa fi àmì sí òkú rẹ̀ lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún dé, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run sì lè kọ̀ ọ́. Àwọn akéwì méjèèjì mú àpá yìí wọ inú ewì wọn. Nínú ti Clark, àwọn ará ilé ń ka àpá ọ̀bẹ tó gba ẹ̀yìn àti iwájú ọmọ náà já, wọ́n fi í wé ẹnu ẹja tó rí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí idà, wọ́n sì tún mẹ́nu ba etí méjèèjì tí wọ́n ti gé bí ti ẹrú ilé. Nínú ti Ṣóyínká, ìkarahun ìgbín tó ti gbóná nínú iná ni ohun èlò náà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pọ́n ọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òun láyà kó jinlẹ̀, kí wọ́n lè mọ òun nígbà tí òun bá tún dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kánjú lè kọ ọ́ báyìí:

Nínú ewì Ṣóyínká, wọ́n fi ìkarahun ìgbín jó ọmọ láyà. Nínú ewì Clark, wọ́n fi ọ̀bẹ sín in lára. Nítorí náà, àwọn akéwì méjèèjì sọ̀rọ̀ nípa àpá.

Gbólóhùn mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tó ń bá ìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdánwò kan wà tí èèyàn lè fi mọ̀ ọ́n: kó fi ọwọ́ bo gbogbo ohun tó kọ nípa ewì kan mọ́lẹ̀. Bí ìyókù bá ṣì dúró gedegbe lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, a jẹ́ pé àpèjúwe ló kọ. Bí ìyókù bá wó, tó di ọ̀rọ̀ àbọ̀, ìfiwéra ti wà níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo gbólóhùn kejì òkè yìí, ẹ ó rí i pé ti àkọ́kọ́ kò mì rárá.

Ẹ wá wo ọ̀nà mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà lè gbà kọ ọ́:

Àpá wà lára ọmọ nínú ewì méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́ka sí i ló yàtọ̀. Ìdílé ló ń ka àpá náà lọ́dọ̀ Clark, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí pé ọmọ ilé ni, kó má sá mọ́. Lọ́dọ̀ Ṣóyínká, ọmọ ló ń pàṣẹ àpá náà fún wọn, torí ó ti mọ̀ pé kò ní kí òun má lọ. Ohun tí àwọn kan fi ń so ọmọ mọ́lé nínú ewì kan ni ọmọ fi ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nínú èkejì.

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ohun tó yí padà ni pé akọ̀wé náà ti rí ohun tó jọra kó tó wá ohun tó yàtọ̀. Ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí àpá, ó wá béèrè iṣẹ́ tí àpá ń ṣe ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tí kò ní ìjọra lábẹ́ rẹ̀ kò wúlò. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Ṣóyínká mẹ́nu ba ọ̀kẹ́rẹ́, Clark sì mẹ́nu ba àdán àti òwìwí, kò tíì sọ nǹkan kan, àfi tó bá lè sọ ohun tí àwọn ẹranko wọ̀nyí jọ ń ṣe. Ó sì lè ṣeé ṣe. Àdán àti òwìwí inú ewì Clark ń já wọ ilé lóru, wọ́n wà lára àléébù tí ará ilé ń jẹ́wọ́ pé ilé àwọn ní. Ọ̀kẹ́rẹ́ Ṣóyínká kì í ṣe ti ilé, àbíkú ló fi ara rẹ̀ wé eyín rẹ̀ tó ń fọ́ ohun tó le. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, bí àyè kò bá sì tó, kókó tí à bá fi sílẹ̀ nìyẹn.

Ilé gan-an ló fúnni ní kókó kẹta, àti ní pàtó, ẹnu ọ̀nà ilé. Ó yani lẹ́nu pé ibi kan náà ni àbíkú wà nínú ewì méjèèjì. Clark fi í síbi tó ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ilé, tó fi ìkan síta, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Bẹ́ẹ̀, ilé náà kì í ṣe ààfin. Ó ń jò nígbà òjò, odò a máa kún dé etí rẹ̀, ògiri ọparun rẹ̀ sì gbẹ dáadáa fún iná nígbà ọyẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja tútù lórí àgbàn. Ilé agbègbè odò ni, irú èyí tí ọmọ Kiagbodo mọ̀. Ará ilé kò fi ìṣẹ́ pa mọ́. Ó ní bó ti wù kó rí, ilé yìí ti tọ́ ọmọ púpọ̀, yóò sì tún tọ́ sí i.

Ṣóyínká náà gbé àbíkú sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ejò. Ó ká jọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan, ó sì kéde fún àwọn ìyá pé igbe wọn ni yóò pa á. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí pé ewì náà le níbẹ̀. Ẹni tó rí ejò ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á pariwo, wọ́n á sì pa ejò náà. Ìyá á wá di ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ọmọ lọ. Ohun tí Clark fi ṣe ibi ìkíni káàbọ̀, ibẹ̀ ni Ṣóyínká fi ṣe ibi tí ìyá ti ṣẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá kọ ewì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè mẹ́nu ba ejò, kó sì mẹ́nu ba ẹsẹ̀ kan sínú ẹsẹ̀ kan síta, kó má sì rí i láé pé ojú àtẹ̀wọlé kan náà ni méjèèjì dúró lé.

Ọ̀rọ̀ ìyá bá tẹ̀ lé e. Clark fi ìyá sí òpin ewì rẹ̀, ìyá kan ṣoṣo ni: ara rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ọmú rẹ̀ sì ti ń kan. Kò sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a sọ ọ́. Ṣóyínká pe àwọn ìyá ní ọ̀pọ̀, ó pè wọ́n sókè, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a rí ojú tàbí ara rẹ̀ nínú wọn. Àbíkú tó ń lọ láti ilé dé ilé kò ní ìyá kan pàtó. Èyí tún bá kókó àkọ́kọ́ mu, ohun tó sì fi hàn pé a yan kókó dáadáa nìyẹn: ìkan ń ti ìkejì lẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, apá kan bébà á ṣófo, òfo náà á sì ní ohun tó ń sọ. Ṣóyínká jẹ́ kí àbíkú pe orúkọ ara rẹ̀ léraléra láti ìbẹ̀rẹ̀ ewì títí dé òpin. Ẹ wá orúkọ náà nínú ewì Clark. Ó wà nínú àkọlé nìkan. Ará ilé tó ń bẹ̀bẹ̀ kò fi ẹnu rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹni tó ń tu ọmọ nínú pé kó dúró kò ní í pè é ní ẹni tí a bí fún ikú lójú ara rẹ̀. Àlàyé tiwa nìyẹn, ẹlòmíràn lè rí òmíràn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣàkíyèsí rẹ̀ bí kò bá bi ewì méjèèjì ní ìbéèrè kan náà nípa orúkọ.

Ètò ìlà náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn, ó kàn jẹ́ pé òun ló yẹ kó kẹ́yìn nínú kíkọ, torí pé lẹ́yìn tí a ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la tó lè sọ ìdí tí ìlà fi rí bó ṣe rí. Ewì Ṣóyínká jẹ́ ìsọ̀rí mẹ́jọ, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń parí, ó ń tún bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀. Ti Clark kò ní ìsọ̀rí kankan; ó ṣàn láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdánu dúró, bí ọ̀rọ̀ ẹni tó bẹ̀rù pé tí òun bá sinmi, ẹni tí òun ń bẹ̀ lè ti lọ. Ẹni tó bá kàn kọ ọ́ pé ọ̀kan ní ìsọ̀rí, èkejì kò ní, ti ka ìlà. Kò tíì fi ewì wé ewì.

Ní ti bí a ṣe ń tò ó, kókó kan, ìpínrọ̀ kan. Kò pọn dandan kí ewì kan náà máa ṣáájú ní gbogbo ìgbà. Ewì tí ìdáhùn rẹ̀ rọrùn láti rí ni kó kọ́kọ́ wá, kí èyí tó le tẹ̀ lé e. Ewu tó wà nínú ọ̀nà yìí ni kí ọ̀rọ̀ di ìfò-síhìn-ín-fò-sọ́hùn-ún, gbólóhùn kan fún eléyìí, gbólóhùn kan fún tọ̀hún, títí orí òǹkàwé á fi máa yí. Bí kókó kan bá lọ́rọ̀, kí akọ̀wé fi gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin dúró ti ewì kan kó tó rékọjá, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kúrò lórí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sì sí kókó kankan tó máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé ewì kan sàn ju èkejì. Ohun tí ìfiwéra lè fi hàn ni ohun tí akéwì kọ̀ọ̀kan yàn, àti ohun tí yíyàn náà jẹ́ kó lè ṣe.

Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò tí àkókò rẹ̀ kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ kò lè kọ gbogbo èyí. Kó mú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àpá ara àti ẹnu ọ̀nà, kó fi ìyókù sílẹ̀. Bí àkókò bá tún kúrú sí i, kó di àpá ara mú, torí òun nìkan ni kókó tí ohun kan náà ti hàn kedere nínú ewì méjèèjì, tí iṣẹ́ tó ń ṣe sì lòdì síra pátápátá.